‘Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa’: Ìlà àkọ́kọ́ tó ń lé àjèjì kúrò nídìí ọjà

Bí ẹ bá ṣí fóònù yín láàárọ̀ yìí, tí ẹ wọ orí Fesibúùkù tàbí Ínsítágíráàmù, ó ṣòro kí ẹ má pàdé ìpolówó ọjà bíi mẹ́wàá tí ẹnu gbogbo wọn kò lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ‘Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà. Ọjà tuntun ti dé o. Ojúlówó ni, owó pọ́ọ́kú sì ni.’ Aláṣọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, aláta kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kà á kò sì dúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ti ojú fóònù sókè, ó ti kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń jà lórí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe pé ọjà náà kò dára o. Ẹni náà kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń tà ni.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin aláró kan ní Ìtòkú, l’Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti mọ àdìrẹ. Ká ní ó ti ra aṣọ funfun, ó ti ra aró, ó ti ra àbẹ́là tó fi ń ya ọnà sí i, ó ti sanwó fáwọn ọmọ tó bá a ṣiṣẹ́. Ogún ìdì aṣọ, yáàdì márùn-ún-márùn-ún, wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló há sínú aṣọ yẹn. Àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n ti ra tiwọn. Ẹni tó kù tó lè rà á ni àjèjì tó wà ní Kánò, tàbí ní Jọ́ọ̀sì, tàbí ní Pọtá, tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó kàn ń fi fóònù pa ìrònú rẹ́ nínú ọkọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti onítọ̀hún.

Ìdí tó fi jẹ́ ìlà kan nìyí. Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù kì í gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ sójú táyé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn, wọ́n á wá gé e, wọ́n á kọ ‘See more’ sídìí rẹ̀ lórí Fesibúùkù, tàbí ‘more’ lórí Ínsítágíráàmù. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ti Ínsítágíráàmù há gan-an: nǹkan bí àmì 125 ni, bí a bá ka lẹ́tà àti àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pọ̀, ìyẹn kò sì ju nǹkan bí ìlà méjì lọ lórí fóònù. Ti Fesibúùkù gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan, bí fóònù kálukú bá ṣe fẹ̀ sí ni. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: Ínsítágíráàmù máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ojúlé síwájú ọ̀rọ̀ tó kọ, orúkọ yẹn sì ń jẹ nínú àyè kékeré náà. Aláró tí orúkọ ojúlé rẹ̀ gùn, tó tún wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘Àwa ilé-iṣẹ́ aláró báyìí-báyìí’, ti dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tí kò béèrè orúkọ rẹ̀ rárá.

Wasáàpù kò yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wọlé, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń hàn nínú àkójọ àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bí ìkíni bá ti gba ibẹ̀, ohun tí oníbàárà máa rí kò ju pé ẹnì kan tún ń kí òun lọ.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́, nítorí Yorùbá kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìkí i. Ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ni yóò ní bí òun kò bá kí èèyàn, wọ́n á ní òun kò lẹ́kọ̀ọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tó ń kiri ọjà. Ẹni tó gbé àgbàdo gbígbóná sórí kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan kí baálé kó tó polówó. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọjá fèrèsé. Ohun tó sì ń kígbe kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ pé ‘ojúlówó’ ni. Bí ọjà náà ṣe máa rí lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń sọ: ó gbóná, ó rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò ni. Bí onílé bá ti pè é wọlé ni ìkúnlẹ̀ àti ‘ẹ kú ilé o’ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń ti ojú fóònù sókè ni ẹni tó wà lójú fèrèsé yẹn. Ìkíni lè wá lẹ́yìn, kódà ó lè jẹ́ òun ni yóò kádìí ọ̀rọ̀ nílẹ̀.

Kí wá ni aláró wa yóò kọ sí ìlà àkọ́kọ́? Àṣìṣe ńlá ni kó jókòó kó máa ronú ọ̀rọ̀ dídùn. Ìlà tó ń dá èèyàn dúró, wíwá ni wọ́n ń wá a rí, inú iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n sì ti ń wá a. Ní ọdún 1958, ọkùnrin kan tó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ ìpolówó, Défíìdì Ógílífì, gba iṣẹ́ láti polówó ọkọ̀ Róòsì-Rọ́ìsì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ka ìwé nípa ọkọ̀ náà kó tó kọ ohunkóhun. Nínú ohun tó kà ló ti rí i pé bí ọkọ̀ náà bá ń sáré máìlì 60 láàárín wákàtí kan, ariwo aago rẹ̀ ló ń ju ti gbogbo nǹkan mìíràn lọ nínú rẹ̀. Ohun tó fi ṣe àkọlé nìyẹn, ìpolówó náà sì di èyí tí wọ́n ń fi kọ́ èèyàn níṣẹ́ títí dòní. Ógílífì kò sọ pé ọkọ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Aago ló mẹ́nu kàn, ẹni tó kà á ló fúnra rẹ̀ sọ pé, ‘Ọkọ̀ yìí mà dákẹ́ o.’

Aláró Ìtòkú kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì nílò rẹ̀. Ìwé tirẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀. Kó padà sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ti fi ránṣẹ́ láti oṣù bíi mẹ́fà, kó máa kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀, láìtún un ṣe. Ìbéèrè iye owó yóò pọ̀, kó fò ó, nítorí gbogbo ọjà ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń wá ni ìbéèrè tó ní ìpayà nínú. Lórí àdìrẹ, kò ní pẹ́ kó rí i: ‘Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní ṣí o? Èyí tí mo rà níjọ́sí, ó ba bùbá funfun ọkọ mi jẹ́ nínú ìfọ̀.’ Níbi tí ẹni mẹ́ta bá ti béèrè irú nǹkan yìí, ọ̀pọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ní ìpayà kan náà, tí wọn kò béèrè, tí wọ́n kàn kọjá lọ.

Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí tí oníbàárà kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ kò kéré. Aró kàńpálà tí wọ́n ń lò báyìí kì í tú nínú omi lásán. Kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ló ń tú u, ìgbà tó bá tú ló lè wọnú òwú aṣọ. Bí wọ́n bá yọ aṣọ síta, atẹ́gùn yóò fẹ́ sí i, aró náà á tún padà dì sínú òwú, ibẹ̀ ló wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí háídírọ́ọ̀sì kò bá tó, tàbí tí aṣọ kò pẹ́ nínú aró, púpọ̀ nínú aró náà kò ní wọlé, orí aṣọ ni yóò jókòó sí bí eruku. Bí aláró kò bá tún wá ṣan án dáadáa kó tó tà á, ilé oníbàárà ni yóò ti ṣan. Bùbá funfun ọkọ ìyàwó wá kàgbákò. Ẹni tó bá sì fi aṣọ funfun tó tutù nu irú kàńpálà bẹ́ẹ̀ yóò rí aró lára aṣọ funfun náà lójú ẹsẹ̀. Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ó ti ní ohun tó máa sọ wàyí. Kó kọ ìlà bíi mẹ́wàá sílẹ̀, kó má ṣe fẹ́ràn èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ kọ pé, ‘Àdìrẹ tiwa kì í ṣí.’ Kò burú, àmọ́ ìlérí tí gbogbo aláró ń ṣe ni, ẹni tí bùbá ọkọ rẹ̀ bàjẹ́ ti gbọ́ ọ rí. Ó lè kọ pé, ‘Ṣé àdìrẹ ti ba aṣọ yín jẹ́ rí?’ Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè dáhùn pé ‘rárá’ ti rí àyè kọjá lọ. Ó tún lè kọ pé, ‘Àṣírí tí àwọn aláró kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.’ Irú èyí ló kún orí ẹ̀rọ ayélujára báyìí, ó sì ti ń rùn. Ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bí oníjìbìtì, ó sì ń bá gbogbo ará Ìtòkú jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá wo èyí tó tẹ̀ lé e: ‘Kí ẹ tó sanwó àdìrẹ, ẹ fi aṣọ funfun tútù nu igun rẹ̀. Bí aró bá yọ, ẹ má rà á.’

Èyí ni yóò dá ọwọ́ dúró. Ẹni tó kà á ti rí nǹkan gbà, kódà bí kò bá ra ohunkóhun lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó lè rí igun aṣọ àti ọwọ́ tó ń nù ún lójú inú. Pabanbarì rẹ̀ ni pé aláṣọ ló ń sọ fún oníbàárà pé kó má ra aṣọ, ìyẹn kò wọ́pọ̀. Ó fi ọjà ara rẹ̀ sínú ewu, èèyàn yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè yè é.

Bó ti dára tó yìí, àbùkù kan wà nínú rẹ̀, aláró gidi ló sì lè rí i. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹlú rẹ, aró ìbílẹ̀ wa, lè fi díẹ̀ sára aṣọ funfun bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà aláró ló ṣe é. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn, kì í ṣe àléébù iṣẹ́. Bí ìlà náà bá lọ báyìí, ìyá arúgbó tó ń fi ẹlú ṣiṣẹ́ ni yóò fara gbọgbẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sì já obìnrin yìí nírọ́. Nítorí náà, ‘àdìrẹ’ gbọ́dọ̀ kúrò, kí ‘kàńpálà’ bọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, òun ló sì mú kí gbogbo ìlà náà jẹ́ òótọ́. Ó kù kó ka gígùn rẹ̀: bí àmì 80 ni, ó wọ inú àyè Ínsítágíráàmù, orúkọ ojúlé sì tún ráyè dúró. Ẹni tó bá ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, kó rántí pé ẹ̀rọ lè ka lẹ́tà kan bí ẹ́ sí méjì, kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.

Ìlà kejì ló ń san gbèsè tí ìlà àkọ́kọ́ jẹ. Ọ̀pọ̀ ìpolówó ló ń kú síbẹ̀: ìlà àkọ́kọ́ yóò ta èèyàn jí, ìlà kejì á sì padà sí ‘Ilé-iṣẹ́ wa ti wà láti ọdún gbọọrọ.’ Ẹni tó ti fọwọ́ tẹ ‘more’ á gbà pé wọ́n tan òun ni. Bí ti aláró wa ṣe lè rí tán nìyí:

‘Kí ẹ tó sanwó kàńpálà, ẹ fi aṣọ funfun tútù nu igun rẹ̀. Bí aró bá yọ, ẹ má rà á.

‘Aró tó bá yọ báyìí kò wọnú òwú, orí aṣọ ló jókòó sí. Ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò ba àwọn aṣọ yín tó kù jẹ́.

‘Èyí tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ omi tí mo fi ṣan án, títí omi fi mọ́ gaara. Aṣọ funfun tí mo fi nù ún ló wà lápá òsì nínú àwòrán.

‘Yáàdì márùn-ún ni ìdì kan, iye owó rẹ̀ wà lára àwòrán kejì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ “omi mẹ́ta” ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sọ àwọ̀ tí ẹ yàn, màá ya fídíò bí mo ṣe ń nu igun tiyín. Ẹ káàárọ̀ o.’

Ẹ ò rí i pé ìkíni náà kò sọnù. Ẹ sì kíyè sí ‘omi mẹ́ta’ yẹn, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ ló wà, níbi tí ẹni tí kò bá tẹ ‘more’ kò lè rí i. Gbogbo ẹni tó bá kọ ọ́ ránṣẹ́ ti fi ara rẹ̀ hàn pé ìlà àkọ́kọ́ dá òun dúró, pé òun sì kà á dé ìsàlẹ̀. Bí obìnrin náà bá ti ń ka iye wọn, ó ti ní òṣùwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó gbé àwòrán kan náà jáde, lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, kó yí ìlà àkọ́kọ́ nìkan padà, kó tún kà á. Bí ó bá yí àwòrán àti ìlà padà pọ̀, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Kó má sì sáré dájọ́ o. Bí ẹni mẹ́ta bá kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹni márùn-ún kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ owó oṣù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìgbà tí ìlà kan bá borí èkejì léraléra, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ló tó gbà á gbọ́.

Ìlà àkọ́kọ́ tún lè ṣiṣẹ́ jù, kó sì pa òwò lára. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìròyìn ikú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tàbí ìjà tọkọtaya, kí wọ́n tó wá sọ pé ọṣẹ ni àwọn ń tà. Èrò á pọ̀, àròyé á pọ̀, ‘háà’ á kún ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ọṣẹ. Ẹni tó wá wòran ìjà kò gbówó ọjà dání. Àmì tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n kò le: ariwo pọ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àpótí ìkọ̀kọ̀ níbi tí wọ́n ti ń béèrè àwọ̀ àti iye owó. Fesibúùkù fúnra rẹ̀ ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 pé òun yóò máa rẹ àkọlé tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ tàbí tó ń bù mọ́ ọn sílẹ̀, kí ojú èèyàn má baà tó o púpọ̀. Ní ìparí ọdún 2017, wọ́n fi irú àwọn ọ̀rọ̀ bíi ‘ẹ tẹ láìkì bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ ìyá yín’ kún un. Oníṣòwò tó ń kọ bẹ́ẹ̀ ń ti ọwọ́ ara rẹ̀ lé èrò sá ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìlà kan lè gba gbogbo ọjà là. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn, ojú á fò ó kó tó kan ọ̀rọ̀. Bí aró bá sì yọ lára kàńpálà obìnrin náà lọ́jọ́ tí oníbàárà nù ún, ìlà tó kọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa fi dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò tíì nu gbogbo ogún ìdì náà wò níkọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ìlà náà yóò sì gbó. Bí àwọn aláró mìíràn bá rí i pé ó ń tajà, láìpẹ́ ni gbogbo Ìtòkú á máa ní kí wọ́n nu igun aṣọ. Yóò di dandan kó tún padà sínú àwọn ìbéèrè inú fóònù rẹ̀. Èyí tó kàn lè jẹ́ ti àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí, àwọn tí ẹ̀rù ń bà pé ti àádọ́ta èèyàn kò ní bára mu. Ìpayà wọn kì í ṣe lásán, nítorí bí aṣọ bá ti ń wọnú aró kan náà léraléra ni agbára aró ń dín kù, bí wọ́n bá sì po òmíràn lọ́jọ́ kejì, ó lè dúdú jù tàbí kó pupa jù. ‘Ẹ tó sanwó àdìrẹ aṣọ ẹbí, ẹ bi aláró bóyá ọjọ́ kan náà ló máa rẹ gbogbo rẹ̀.’ Kí ó tó gbé e jáde, kó kọ́kọ́ lọ wọn ìkòkò aró rẹ̀ wò, kó mọ̀ bóyá òun lè rẹ àádọ́ta ìdì lóòjọ́.